Àyẹ̀wò Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá jù lọ lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣe irú àkọsílẹ̀ yìí ní agbègbè Adó-Èkìtì ni a kó jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó takókó.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kíkọ ìwé lójoojúmọ́ àti àyẹ̀wò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Kíkọ ìwé lójoojúmọ́ ni pé kí ènìyàn kọ bí ọjọ́ náà ṣe rí sílẹ̀ kí ó tó sùn. Àyẹ̀wò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni pé kí ó jókòó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó ka ọjọ́ méjèèje pọ̀, kí ó sì wá àṣetúnṣe inú wọn: irú ọjọ́ wo ni okun máa ń tán, kí ló máa ń ṣáájú rẹ̀, irú alẹ́ wo ni inú kì í dùn. Ẹni tó ń kọ tí kì í padà kà á dà bí oníṣòwò tó ń kọ gbèsè sínú ìwé tí kì í ṣírò rẹ̀. Gbogbo gbèsè náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ jù.

Kí ni kí n máa kọ lálẹ́?

Ohun márùn-ún tó: aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí, máàkì okun láti 1 dé 5, máàkì inú láti 1 dé 5, àṣà kan tàbí méjì tí ẹ ń ṣọ́, àti gbólóhùn kan lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé ti tó fún iṣẹ́ náà. Àpẹẹrẹ ìlà kan nìyí: «Ìṣẹ́gun. Mo sùn ní aago 12 òru, mo jí ní aago 5. Okun 2, inú 3. Mo jẹ obì lánàá lẹ́yìn ọjà. Oníbàárà kan dá bùbá padà.» Bí ẹ bá fẹ́ kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó dí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú ìwé méjì bẹ̀rẹ̀ kì í sábà dé ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ kọ ìtumọ̀ máàkì kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí 3 ti oṣù yìí má baà yàtọ̀ sí 3 ti oṣù tó ń bọ̀. Ní ti okun, 1 ni pé ẹ kò lè dìde ṣe ohunkóhun. 2 ni pé ẹ ń wọ́ ara nílẹ̀. 3 ni pé ẹ ṣe iṣẹ́ yín tán ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ kù. 4 ni pé ara yá gágá. 5 sì ni pé ẹ ṣiṣẹ́ títí tí kò sú yín. Aago kan náà ni kí ẹ máa fi wọn okun, nítorí okun àárọ̀ àti okun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kì í dọ́gba lára ẹnikẹ́ni. Èmi máa ń lo aago 3 ọ̀sán. Mo máa ń kọ ọ́ sí etí ìwé kan tó bá wà nítòsí, mo sì máa ń dà á sínú ìwé lálẹ́.

Kí ló dé tí okun àti inú fi gbọ́dọ̀ ní máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa máa ń dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ní «ara mi ò yá» lè máa ṣàìsàn, ó lè ti rẹ̀ ẹ́, ó sì lè jẹ́ pé kò kàn wù ú láti ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Nígbà tí ẹ bá ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kò ní mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Ẹ wo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ bá mọ̀lẹ́bí ṣe ìnáwó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: okun lè jẹ́ 2, kí inú jẹ́ 5. Ẹ wo ọjọ́ mìíràn tí ẹ sùn dáadáa, àmọ́ tí owó iléèwé àwọn ọmọ kò tíì pé: okun 4, inú 2. Bí ó bá jẹ́ máàkì kan ṣoṣo ni ẹ ń kọ, ọjọ́ méjèèjì á gba nǹkan bíi 3, wọn á sì jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ nílò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni oorun, oorun kò sì lè san owó iléèwé.

Ṣé mi ò kàn lè jókòó lọ́jọ́ Àìkú kí n rántí bí ọ̀sẹ̀ ṣe lọ?

Bí inú ènìyàn ṣe rí lásìkò tó ń rántí máa ń kun ohun tó ń rántí. Bí inú bá bàjẹ́, ohun tó bàjẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Bákan náà, ohun tó le jù àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn máa ń bo ìyókù mọ́lẹ̀. Bí iná bá lọ tí ẹ̀fọn kò sì jẹ́ kí ẹ sùn ní òru Àbámẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ẹ ròyìn gbogbo ọ̀sẹ̀ náà bí ọ̀sẹ̀ tí kò fara rọ.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè dán an wò fúnra yín. Kí ẹ tó ṣí ìwé, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rò pé okun yín kéré jù sí orí bébà kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ìwé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èmi fúnra mi ti ṣì í, tí mo sì ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀ ọ́n.

Báwo ni a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà gan-an?

Ẹ yan ọjọ́ àti àkókò kan tí kò ní máa yí padà, kí ó má sì jẹ́ wákàtí tó ti máa ń rẹ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ti tó. Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ méjèèje láìmú bírò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì róbótó yí gbogbo okun tó jẹ́ 1 tàbí 2 ká, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ kọ fún ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ yí ká. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: ọjọ́ tí wọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó fà á sábà máa ń wà ní ìrọ̀lẹ́ tàbí òru tó ṣáájú.

Ẹ ṣe bákan náà fún ọjọ́ tí okun jẹ́ 4 tàbí 5. Bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀, gbogbo ohun tó bá wà níwájú ọjọ́ burúkú ni yóò máa dà bí ẹlẹ́ṣẹ̀, láìmọ̀ pé ó wà níwájú ọjọ́ rere náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo: «Ohun tí mo fura sí lọ́sẹ̀ yìí ni…». Ìfura ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ fi wé ìfura ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ sì pa ìwé dé.

Mo ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rí àṣetúnṣe kankan. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá kì í rìn ní ọjọ́ méje-méje. Àwọn baba wa kò fi ọjọ́ méje ka ọ̀sẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n ń kà, ọ̀pọ̀ ọjà ìlú àti ìletò ní Èkìtì sì ṣì ń tẹ̀ lé e títí di òní. Ọrọọrún ni a ń pè é nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló wà láti ọjà kan sí èkejì. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ní ọjọ́ 28, yóò ti kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń wo ìwé rẹ̀ ní Ajé sí Ajé kò lè rí ohun tí ọjọ́ ọjà ń ṣe sí i, nítorí pé ọjà náà ti pín ara rẹ̀ sí orí ọjọ́ méjèèje lọ́gbọọgba.

Aránṣọ kan wà tí èmi àti rẹ̀ jọ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó máa ń kó aṣọ tí ó ti rán lọ sí ọjà ọrọọrún. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, okun rẹ̀ bọ́ sí 2 ní Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta, ó sì fura sí Ìṣẹ́gun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìṣẹ́gun jẹ́ 4, Ọjọ́rú ló wá jẹ́ 1. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló lọ sílẹ̀, ìfura Ìṣẹ́gun sì tún jí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ẹtì àti Àìkú ni. Ọjọ́ mẹ́jọ ni okun rẹ̀ kò ju 2 lọ nínú ọjọ́ 28. Ìṣẹ́gun ní méjì, ọjọ́ mẹ́fà yòókù sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí irú èyí á ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a fa ìlà tuntun, a kọ ọjọ́ náà ní mẹ́rin-mẹ́rin dípò méje-méje: ọjà, ọjọ́ kejì ọjà, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tó ku ọ̀la. Márùn-ún nínú àwọn ọjọ́ mẹ́jọ náà bọ́ sí ọjọ́ kejì ọjà, lórí ìlà kan ṣoṣo, bí ìgbà tí a to ẹ̀wà. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé kò sí nǹkan, ẹ bi ara yín pé kí ló ń yí ìgbé ayé yín po ní ti gidi. Ó lè jẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ iṣẹ́ òru tó ń yí láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ owó oṣù. Fún nǹkan oṣù àwọn obìnrin, ẹ fi àmì kékeré sí ọjọ́ kìíní rẹ̀, kí ẹ sì dúró títí yóò fi wá ní ìgbà mẹ́ta kí ẹ tó sọ ohunkóhun.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo rí kì í ṣe èèṣì?

Apá méjèèjì ni kí ẹ kà. Kò tó láti sọ pé «okun mi lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lẹ́yìn ọjà.» Ẹ tún gbọ́dọ̀ béèrè pé: ìgbà mélòó ni mo lọ sí ọjà tí okun mi kò lọ sílẹ̀, ìgbà mélòó ló sì lọ sílẹ̀ láìsí ọjà? Ọjọ́ ọjà méje ló wà nínú ọjọ́ 28 tí aránṣọ náà kọ. Ó lọ sí mẹ́fà, okun rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì márùn-ún nínú wọn. Nínú ọjọ́ 22 tó kù, mẹ́ta péré ló lọ sílẹ̀, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn mú un. Ìyàtọ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà sí mẹ́ta nínú 22 kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò.

Èyí tó dá mi lójú ju iye lọ ni àwọn ọjọ́ tí kò bá ìlànà náà mu. Ọjà kan bọ́ sí Àìkú, kò lọ nítorí ìsìn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, okun rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ̀ẹ̀kan tó lọ tí okun kò sì bọ́ sí 2, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ Àìkú, ó sì sùn di aago 7 kó tó múra ìsìn. Ọjọ́ tó yapa máa ń tọ́ka sí ìdí ju ọjọ́ tó bára mu lọ. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé wọn kò bá ohun tí ẹ ti gbà gbọ́ mu.

Mo ti mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni. Ṣé kí n má lọ sí ọjà mọ́ ni?

Rárá o. Ọjọ́ ọjà kì í ṣe ìdí; àpò ńlá tó kó ìdí púpọ̀ sínú ni. Aránṣọ náà ń ru ẹrù, ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń jẹ iyán ní aago 9 alẹ́, ó ń jẹ obì kí oorun má baà kùn ún nígbà tó bá ń parí iṣẹ́ oníbàárà, ó sì ń sùn ní aago 12. Nígbà tí a wo ibi tó kọ aago oorun sí, gbogbo ọjọ́ márùn-ún tí okun lọ sílẹ̀ ló tẹ̀ lé òru tí kò sun ju wákàtí 5 lọ. Èròjà kaféènì wà nínú obì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú kọfí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 5. Obì aago 7 alẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní òru.

Ohun kan ṣoṣo ni a gbà pé kó yí padà: kò ní jẹ obì mọ́ lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán. Kò yí iyán padà, kò yí ẹrù padà. Bí ó bá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà tí ara sì yá, kò ní mọ èyí tó ṣe é, yóò sì máa sá fún iyán tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 28 tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ọjà méjèèje. Ó ń sùn ní nǹkan bí aago 10 ààbọ̀ sí 11, okun rẹ̀ sì bọ́ sí 2 lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, òjò ká a mọ́ ọ̀nà tó fi ẹsẹ̀ ru ẹrù délé. Èyí fi hàn pé oorun kó ipa púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù náà ní ìpín tirẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí bóyá owó ọ̀kadà tó èrè tí yóò rí.

Mo yí nǹkan kan padà, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì dára. Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Ẹ má tíì yọ̀. Ìgbà tí nǹkan bá burú jù ni ènìyàn máa ń pinnu láti yí padà, ọ̀sẹ̀ tó burú jù kì í sì í sábà ní èkejì tó dà bíi tirẹ̀ lẹ́yìn. Ìbáà jẹ́ agbo ni ẹ mu, ìbáà jẹ́ omi lásán, ó ṣeé ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sàn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ohun mìíràn tó yí padà láàárín rẹ̀ sílẹ̀: iléèwé ti gba ọlidé, ọyẹ́ ti dé, àlejò ti lọ.

Bí mo bá gbàgbé láti kọ ní ọjọ́ kan ńkọ́?

Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi àbá kún un lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n nígbà àyẹ̀wò, ẹ wo irú ọjọ́ tí ẹ máa ń gbàgbé, nítorí pé ọjọ́ tó rẹ ènìyàn jù ni kì í lè kọ̀wé. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá ń sá kúrò nínú ìwé, ìwé náà á máa sọ pé ara yín le ju bó ṣe le lọ. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, máàkì méjèèjì nìkan ti tó. Bí ọjọ́ tó ṣófo bá ju méjì lọ nínú ọ̀sẹ̀, ẹ ka ọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ ìṣirò.

Kíka ìwé náà máa ń bà mí nínú jẹ́ sí i. Ṣé kí n dáwọ́ dúró?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń kọ. Bí gbólóhùn yín bá ń béèrè pé «kí ló dé tí ayé mi fi rí báyìí?», àyẹ̀wò náà á di ìrònú tí kò lópin. Ẹ yí i sí ohun tí ojú lè rí: ta ló wá, kí ló sọ, aago mélòó ni. Ẹ má kọjá ìṣẹ́jú 25. Bí inú bá ṣì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dáwọ́ kíka dúró, kí ẹ máa kọ máàkì nìkan. Kò sí ẹ̀tẹ́ níbẹ̀.

Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ìwé tó di ti ilé ìwòsàn?

Bí okun bá ṣubú lójijì pẹ̀lú ara gbígbóná, orí fífọ́ tàbí òtútù, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà. Ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò ìwé. Bí ẹ bá ń sun wákàtí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí okun kò sì kúrò ní 2 fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, dókítà lè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín lára tàbí bóyá ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti inú, ọ̀sẹ̀ méjì ni òdiwọ̀n: bí inú bá wà ní 1 tàbí 2 lójoojúmọ́ tàbí ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ náà, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò sì dùn mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò ikú tàbí ti pípa ara ẹni bá wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹnì kan, kí ẹ sì lọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Adó, òmíràn sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ má gbé odindi ìwé síwájú dókítà. Ẹ da máàkì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti aago oorun kọ sí ojú ewé kan.

Àkọsílẹ̀ mi ń tọ́ka sí ènìyàn kan. Kí ni kí n ṣe?

Èyí ló takókó jù. Olùkọ́ kan rí i pé inú òun máa ń bọ́ sí 2 lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun bá wá kí òun. Ohun tí a ṣe fún ọjà náà ni kí ẹ ṣe fún un: ẹ ka ìgbà tó wá tí inú kò bàjẹ́, àti ìgbà tí inú bàjẹ́ tí kò wá. Lẹ́yìn náà, ẹ tú àpò náà, nítorí pé ìbẹ̀wò kan ní aago tó wá, ohun tó béèrè, àwọn tó wà níbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nínú.

Ẹ má gbé ìwé náà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí síwájú ẹni náà. Bí inú tiyín ṣe rí ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwà tirẹ̀, ẹni tí a bá sì ka irú rẹ̀ sí létí kò ní gbọ́ ju pé a ti ń ṣọ́ òun. Nínú ìbẹ̀wò mẹ́sàn-án tí olùkọ́ náà kọ sílẹ̀, mẹ́rin ni inú rẹ̀ bàjẹ́, ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn ti wáyé. Nínú márùn-ún yòókù, wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ jẹ́ 4. Ó ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí pé kí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà dé ìpàdé ẹbí, kí àwọn àgbà lè bá wọn dá sí i.